Gbígbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀: báwo ni ìwé owó orí tàbí ìwé ìkànìyàn ṣe ń fi àyípadà àwùjọ hàn?

Olùkọ́ Ìtàn, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà níbí ní Iléṣà. Mo fẹ́ ṣe ìbéèrè kan fún ìdánwò sáà yìí, tí yóò dá lórí bí ìwé owó orí tàbí ìwé ìkànìyàn ṣe lè jẹ́ ká mọ̀ pé àwùjọ ti yí padà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ni: «Ṣàlàyé bí ìkànìyàn àti owó orí ṣe ń fi àyípadà àwùjọ hàn.» Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sójú pátákó ni wọn yóò kàn dà padà fún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n wo ìwé gan-an, kí wọ́n fi orí ara wọn rò ó. Báwo ni ẹ ó ṣe gbé e kalẹ̀, kí ni ó sì yẹ kí n ṣọ́ra fún? Ogún máàkì ni ìbéèrè náà.

Ọmọ Òṣómàáló

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ pa ìkànìyàn tì pátápátá. Wọ́n fagi lé ti 1962, ti 1963 di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ti 1973 kò sì dé ibì kankan kí wọ́n tó dà á nù. Nígbà tó jẹ́ pé iye orí ni wọ́n fi ń pín owó àti ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ta ni kò ní ka òkú mọ́ alààyè? Ìwé owó orí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò san owó lórí ẹni tí kò sí láyé. Bí orúkọ igba bá wà nínú ìwé owó orí àdúgbò kan, tí ó sì di ọ̀ọ́dúnrún lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ ti mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò náà ti fi ìdajì pọ̀ sí i. Ẹ fún àwọn ọmọ ní iye méjèèjì, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí tí ó fi pọ̀ sí i.

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ, Olùkọ́. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì máàkì ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì fún Ọmọ Òṣómàáló, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ́ àti ibi tí kò ti tọ́ ni ìbéèrè yìí ti máa jáde.

Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ń san owó orí lórí ẹni tí kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ni ẹnikẹ́ni kò san owó lé lórí. Ní ẹkùn tiwa yìí, ọkùnrin tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan ni ìwé owó orí ayé àwọn òyìnbó ń kọ sílẹ̀. Obìnrin kò sí níbẹ̀, ọmọdé kò sí níbẹ̀, arúgbó tí a ti dárí owó jì kò sí níbẹ̀. Baálé ni ó ń ka orúkọ àwọn ọkùnrin agbo ilé rẹ̀ fún akọ̀wé. Baálé tí ó mọ̀ pé òun ni wọn yóò bi bí owó kò bá pé, kò ní yá a lára láti dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti wà ní abà láti ìgbà ọ̀wọ́rẹ́. Bí igba bá wá di ọ̀ọ́dúnrún, ó lè jẹ́ pé ènìyàn pọ̀ sí i lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé akọ̀wé tuntun dé, tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abà fúnra rẹ̀, tí kò gbára lé ẹnu baálé mọ́. Bí ẹ bá ní kí ọmọ sọ ìdí tí iye náà fi pọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó pọ̀ lóòótọ́, àbá ni ẹ ń kọ́ ọ láti máa dá, kì í ṣe ìtàn.

Ní ti ìkànìyàn, ẹ wo èyí. Ìkànìyàn 1952 sí 1953 sọ pé àwa ọmọ Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 30.4, ti 1963 sọ pé a ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 55.7. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé a ń fi ohun tó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ti pọ̀ gan-an fún orílẹ̀-èdè tí ó ń ti ara ìbímọ pọ̀. Nítorí náà, ọ̀kan nínú iye méjèèjì kò tọ́, tàbí kí méjèèjì má tọ́. Àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu ti 1963 sọ pé wọ́n fi kún un ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ti 1952 náà kéré jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbowó orí ni ẹni tí ó wá ka àwọn, wọ́n sì fi àwọn ọmọ wọn pamọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní ilẹ̀ Ìgbò ní 1929, kíka àwọn obìnrin àti dúkìá wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ ìjà ńlá tí àwọn obìnrin jà, nítorí pé wọ́n gbà pé owó orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kì í sábà kíyè sí. Ìkànìyàn 1931 kì í ṣe lílọ láti ilé dé ilé ní ọ̀pọ̀ ibi. Inú ìwé owó orí tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò iye ènìyàn. Bí ọmọ bá wá fi ìkànìyàn 1931 ti ìwé owó orí lẹ́yìn pé méjèèjì bára mu, ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, Olùkọ́, ẹ má ṣe ìbéèrè lórí àpapọ̀ iye. Ẹ ṣe é lórí bí iye náà ṣe pín sí ara rẹ̀: irú iṣẹ́ wo, mélòó nínú mélòó. Baálé tí ó fi ọkùnrin mẹ́wàá pamọ́ bà iye jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó fi pamọ́ kì í bá ṣe oníṣẹ́ kan náà, ìpín iṣẹ́ kò ní yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Ifẹ́tẹ̀dó

Ẹ jọ̀wọ́, mo dúpẹ́ pé ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ó kàn mí. Bàbá mi fi ìdì rìsíìtì owó orí kan sílẹ̀ nínú àpótí onípákó, láti nǹkan bíi 1950 títí di ìgbà tí wọ́n yí owó padà sí náírà. Àwọn kan ń sọ báyìí pé a kì í ṣe ará ilẹ̀ tí a fi ń dáko kòkó wa. Ṣé rìsíìtì wọ̀nyí kò tó láti fi hàn pé tiwa ni ilẹ̀ náà? Àti pé ọdún kan tàbí méjì sọnù láàárín wọn, lápá ìparí àwọn 1960. Ṣé àìsí wọn lè ba ẹjọ́ jẹ́?

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Àgbẹ̀, ìbéèrè ìdánwò ni a ń sọ níbí, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ kó àpótí yẹn lọ bá. Ohun tí mo lè sọ kò pọ̀: rìsíìtì owó orí ń fi hàn pé ẹnì kan san owó, ní ọdún báyìí, lábẹ́ káńsù báyìí. Orí ni wọ́n ń gba owó náà lé, kì í ṣe ilẹ̀. Onílẹ̀ ń san án, ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń san án, alágbàṣe tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn náà ń san án.

Ṣùgbọ́n ẹ ti mú ohun kan wá tó wúlò fún Olùkọ́. Àwọn ọdún tí ẹ pè yẹn bọ́ sí àsìkò Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé àwọn kò san owó orí mọ́ nítorí tí ó ti pọ̀ jù. Ìjọba padà sọ ọ́ di pọ́n-ùn méjì. Ó lè jẹ́ pé eku ló jẹ rìsíìtì yẹn, ó sì lè jẹ́ pé bàbá yín kò san rárá. Iye owó wo ni ó wà lára èyí tó tẹ̀lé àlàfo náà?

Àgbẹ̀ Ifẹ́tẹ̀dó

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Owó tó wà lára èyí tó tẹ̀lé e kéré sí ti ọdún tó ṣáájú àlàfo náà. Bàbá mi kò sọ fún wa rí pé òun bá wọn dá sí i. Èmi ṣì rò pé ó sọnù ni o, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá wa.

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fi orí àga sọ èyí tí ó jẹ́. Ìwé tí káńsù kọ fún ọdún náà ló lè sọ ọ́: bí orúkọ bàbá yín bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì pé ó san, rìsíìtì ló sọnù. Bí gbogbo abúlé náà bá ṣófo ní ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Olùkọ́ Ìtàn, Iléṣà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti tẹ̀lé ìmọ̀ràn yín. Mo fúnra mi hun àyọkà kan, nítorí n kò ní àyè láti lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Ìbàdàn kí ìdánwò tó dé. Kò sí agbo ilé gidi kan tí ó bá a mu, mo pè é ní Agbo Ilé A. Ó lọ báyìí:

Ní 1935, ọkùnrin mẹ́rìnlélógún ni orúkọ wọn wà nínú ìwé owó orí Agbo Ilé A ní Iléṣà. Mọ́kàndínlógún jẹ́ àgbẹ̀, mẹ́ta jẹ́ oníṣòwò aṣọ, ọ̀kan jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan sì jẹ́ ahunṣọ. Ní 1955, orúkọ méjìdínlógójì ni ó wà níbẹ̀: mẹ́tàdínlógún jẹ́ àgbẹ̀, mẹ́sàn-án jẹ́ oníṣòwò, mẹ́ta jẹ́ tísà, mẹ́ta jẹ́ téló, méjì jẹ́ akọ̀wé, méjì jẹ́ awakọ̀, méjì sì jẹ́ káfíńtà.

Ìbéèrè tí mo fi sí i ni: «Lo àyọkà yìí láti ṣàlàyé àwọn àyípadà tó dé bá Iléṣà láàárín 1935 sí 1955.» Ṣé ó ti dára báyìí?

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Àyọkà náà dára. Ìbéèrè náà ṣì gbòòrò jù, ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máàkì rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ti dáhùn, kí a lè rí ibi tí ìdẹkùn wà.

Ọmọ tí kò fara balẹ̀ yóò kọ pé àwọn àgbẹ̀ sá kúrò lóko. Wọn kò sá. Mọ́kàndínlógún di mẹ́tàdínlógún, ènìyàn méjì péré ni ó dín. Ohun tó yí padà ni ìpín wọn: láti nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tí orúkọ wọn kún ìwé náà lẹ́yìn 1935 kò bọ́ sí oko. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n bọ́ sí. Ọmọ tí ó bá rí ìyàtọ̀ láàárín «àgbẹ̀ dín kù» àti «ìpín àgbẹ̀ dín kù» ti ṣe ohun tí a fẹ́, kí ẹ sì fún un ní máàkì tó jọjú.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ahunṣọ tí ó pòórá, tí téló sì yọjú. Ó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ láti kọ pé aṣọ òkè òkun ti pa iṣẹ́ aṣọ híhun run. Ó lè ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni ahunṣọ inú ìwé yìí, ó sì lè jẹ́ pé ó kú ni. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé obìnrin ni ó ń hun aṣọ lórí òfì òòró nínú ilé, orúkọ obìnrin kò sì sí nínú ìwé owó orí wa. Agbo ilé náà lè ní obìnrin mẹ́jọ tí wọ́n ń hun aṣọ láàárọ̀ lálẹ́ ní 1955, kí ìwé náà má sì mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn tísà. Oṣù Kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdajì kíláàsì yín yóò kọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló sọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí di tísà àti àwọn méjì di akọ̀wé. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 kò ní dé inú ìwé owó orí kí ó tó di nǹkan bí 1965. Àwọn akọ̀wé àti tísà inú àyọkà yín ti kàwé ṣáájú, ní ilé ìwé àwọn ìjọ, pẹ̀lú owó ilé ìwé tí òbí wọn fi kòkó san. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lè fún tísà níṣẹ́ ní 1955. Kò lè kọ́ ọ níwèé ní 1935. Bí ẹ bá fẹ́ mú ìdẹkùn yìí kúrò, ẹ sọ ọdún kejì di 1953. Ní tèmi, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi máàkì méjì sí i fún ẹni tí ó bá rí i.

Ọmọ Òṣómàáló

Bàbá, mo ti gba ti àpapọ̀ iye. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yìí náà ní àbùkù. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Jọ́ọ̀sì àti Káfáńṣán. Ọdún Kérésìmesì ni ó máa ń wálé. Nínú ìwé owó orí ilé, «àgbẹ̀» ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú, kò sì fọwọ́ kan ọkọ́ rí lẹ́yìn tí ó di géńdé. Ìdí rẹ̀ kò le: owó kan náà ni gbogbo àgbẹ̀ ń san, ṣùgbọ́n bí ó bá pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò, wọn yóò jókòó tì í, wọn yóò máa béèrè pé èló ni ọjà rẹ. Nítorí náà, ṣé kì í ṣe pé oníṣòwò mẹ́ta inú àyọkà yẹn lè jẹ́ mẹ́jọ láti 1935?

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹ kú làákàyè. Ohun tí mo ń retí kí ẹnì kan sọ nìyẹn, ó sì dín agbára ohun tí mo sọ níṣàájú kù díẹ̀. Mo sọ pé baálé tí ó ń fi orí pamọ́ kì í ba ìpín iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀. Èyí tí ẹ mú wá yàtọ̀: ẹni náà kò sá kúrò nínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi pamọ́, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo irọ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tẹ̀ sí. Bí káńsù bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí owó tó ń wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún méjèèjì, àwọn tí wọ́n ti ń jẹ́ «àgbẹ̀» tipẹ́ yóò di «oníṣòwò» lórí ìwé ní ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ìgbé ayé wọn yí padà rárá.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Nínú ìwé gidi, ẹ wo orúkọ, ẹ má wo iye nìkan. Bí àwọn tó ń jẹ́ oníṣòwò ní 1955 bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò sí ní 1935, àyípadà gidi ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ ní 1935 ni wọ́n di oníṣòwò lórí ìwé, ẹ fura sí akọ̀wé. Àyọkà Olùkọ́ kò ní orúkọ, nítorí náà ọmọ kò lè yanjú rẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò lè yanjú rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí òun nílò.

Ọmọ Ìlódè, Ifẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ẹ sọ pé obìnrin kò sí nínú ìwé owó orí. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì wọ́n kọ́ wa nípa àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n jà nítorí owó orí. Èwo ni ká mú nínú rẹ̀?

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Méjèèjì ni, ọmọ mi. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n sì gbà á ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta fi dìde ní 1947, tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949, tí wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọkùnrin ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ṣí ìwé owó orí Abẹ́òkúta ti 1945 àti ti 1952, tí ó rí i pé orúkọ obìnrin kún inú èyí àkọ́kọ́, tí kò sì sí ọ̀kan nínú èkejì. Bí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì, yóò ní àwọn obìnrin ti kó kúrò nílùú. Ìjà tí wọ́n jà tí wọ́n sì ṣẹ́gun ni ó yọ orúkọ wọn kúrò.

Akànìyàn Mọ̀ọ̀rè

Ẹ kú ìjíròrò. Mo wà lára àwọn tó ka ènìyàn ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kẹta 2006, ẹ̀kọ́ ìṣirò sì ni mo kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìkànìyàn díẹ̀. Ẹ ń wo ohun tí ó ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú rẹ̀ gan-an lè jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. A wọ ilé kan ní àdúgbò Mọ̀ọ̀rè, a béèrè ọjọ́ orí ìyá àgbà kan. Ó ní, «Ẹ kọ ọgọ́rin.» A ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì sí, ni mo bá bi í bóyá wọ́n ti bí i nígbà tí Ọọ̀ni Adérẹ̀mí gorí ìtẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń bá ìyá òun ru omi láti odò nígbà náà. 1930 ni Ọọ̀ni gorí ìtẹ́. Bí ọmọ bá ti tó ẹni tí ń ru omi, yóò ti tó ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, nítorí náà mẹ́tàlélọ́gọ́rin tàbí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló yẹ kí ìyá jẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù mẹ́rin, láìronú.

Bí ẹ bá wo àkójọ ọjọ́ orí ní ọdọọdún nínú àwọn ìkànìyàn wa, ẹ ó rí i pé àwọn tó ní ọgbọ̀n ọdún pọ̀ ju àwọn tó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ fíìfíì. Bákan náà ni ní ogójì àti ní àádọ́ta. Ìbímọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn ni ó ń mú iye tó rọrùn. Bí ìwé kíkà àti ìwé ìbí bá ṣe ń tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì wọ̀nyí ń relẹ̀. Ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ṣe ga tó nínú ìkànìyàn méjì, ó ti rí àyípadà àwùjọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìbéèrè kankan nípa rẹ̀, kò sì sí olóṣèlú tí yóò rántí láti ba irú ìyẹn jẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oṣù tí wọ́n ka ènìyàn. Ìparí ọdún 1952 ni wọ́n ka Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, oṣù Kọkànlá sì ni ti 1963. Àsìkò kíkórè kòkó ni méjèèjì. Onílé ní Ìlàrè lè wà ní abà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ àti alágbàṣe rẹ̀. Nínú oṣù Kẹta, bí ti 2006, inú ìlú ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà. Ìlú lè dàbí èyí tó kún sí i nígbà tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló yàtọ̀.

Olùkọ́ Ìtàn, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, ti òkìtì ọjọ́ orí yẹn yà mí lẹ́nu. Ṣé mo lè fi kún ìdánwò?

Akànìyàn Mọ̀ọ̀rè

Kì í ṣe pẹ̀lú iye tí ẹ hun fúnra yín, nítorí pé gbogbo ẹwà rẹ̀ wà nínú pé ó jẹ́ gidi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ọjọ́ orí àwọn àgbàlagbà àdúgbò wọn fún iṣẹ́ àṣetiléwá, láìkọ orúkọ, kí wọ́n wo iye tí ó parí sí òdo tàbí márùn-ún. Ohun mìíràn tí ẹ lè fẹ́ dán wò ni ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ dí: ìkànìyàn 1952 àti 1963 béèrè ẹ̀sìn, ti 1991 àti 2006 kò béèrè rẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn, Iléṣà

Ẹ wo èyí tí mo kọ báyìí, ẹ̀yin àgbà. Àyọkà náà wà bí ó ṣe wà, pẹ̀lú gbólóhùn méjì lórí rẹ̀: pé ọkùnrin tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan ni ìwé náà kọ, àti pé baálé ni ó ka orúkọ ní 1935, tí akọ̀wé káńsù sì lọ láti ilé dé ilé ní 1955.

(a) Sọ àyípadà méjì tí ó hàn nínú ìpín iṣẹ́ láàárín ọdún méjèèjì, kí o sì fi iye inú àyọkà ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Máàkì mẹ́fà.

(b) Mú ọ̀kan nínú àyípadà náà, kí o ṣàlàyé ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Kí o rí i dájú pé ohun tí o pè ní ìdí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú àbájáde rẹ̀. Máàkì márùn-ún.

(d) Sọ ohun kan nínú àyọkà yìí tí ó lè jẹ́ àyípadà nínú bí wọ́n ṣe kọ ìwé, tí kì í ṣe àyípadà nínú ìgbé ayé àwọn ènìyàn. Máàkì márùn-ún.

(e) Àwọn wo ni ìwé yìí kò rí? Dárúkọ ẹ̀rí kan tí o máa wá láti mọ̀ nípa wọn. Máàkì mẹ́rin.

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Èyí ni mo lè fi orúkọ mi sí. Ẹ yọ gbólóhùn kejì nínú (b) kúrò, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tú ìdẹkùn 1955. Fún (d), ẹ má gba «akọ̀wé lè ṣe àṣìṣe» nìkan. Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ yí padà, kí ó sì sọ apá ibi tí ìyẹn yóò ti iye náà sí, sókè tàbí sísàlẹ̀. Fún (e), ẹni tí ó bá dárúkọ obìnrin nìkan gba méjì. Òṣómàáló tí ó wà lẹ́yìn odi náà wà lára àwọn tí ó lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ọmọ Òṣómàáló

Mo ní àtakò kan. Ṣé àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé ẹ hun àyọkà yìí ni? Ẹ ń kọ́ wọn láti fura sí ìwé, ẹ sì fún wọn ní ìwé tí kò sí.

Olùkọ́ Ìtàn, Iléṣà

Mo ti rò ó. Bí mo bá kọ ọ́ sórí ìwé ìdánwò pé èmi ni mo hun ún, àwọn kan yóò fi í ṣe ìdáhùn sí (d), wọn yóò sì kọ pé gbogbo rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. «A ṣe àyọkà yìí fún ìdánwò, ní ìlànà ìwé owó orí àkókò náà.» Ọmọ tí ó bá fi í ṣe ìdáhùn kò rí ohun tí (d) béèrè, kò sì ní gba máàkì.

Akànìyàn Mọ̀ọ̀rè

Bàbá, èmi kò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ o. Bí ọmọ bá kọ pé ẹni tí ó ṣe ìwé náà fẹ́ kí òun rí àyípadà ni ó fi kó téló àti tísà síbẹ̀, ó ti béèrè ẹni tí ó kọ ọ́ àti ìdí tí ó fi kọ ọ́. Èmi yóò fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún.

Bàbá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹyọ kan péré. Olùkọ́ ni yóò máàkì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yàn.